Ọ́ọ̀dì réṣíò kì í ṣe rísíìkì réṣíò: bí a ṣe ń kọ èsì lọ́jísítíìkì rigirẹ́ṣọ̀n sílẹ̀ bó ṣe rí gan-an

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo kọ èsì lọ́jísítíìkì rigirẹ́ṣọ̀n sínú iṣẹ́ ìwádìí, gbólóhùn tí mo kọ ni pé ìṣeéṣe kí àwọn aláìsàn tí a rán létí padà wá rí dókítà jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta ti àwọn tí a kò rán létí. Inú mi dùn sí gbólóhùn yẹn gan-an. Ọ̀gá tó ń bá mi yẹ iṣẹ́ náà wò kò pariwo. Ó kàn bi mí pé, "Àwọn tí o kò rán létí ńkọ́, mélòó nínú wọn ló wá?" Mo ní ìdajì ni, sà. Ó ní, "Ó dáa. Ìlọ́po mẹ́ta ìdajì jẹ́ mélòó?"

Ìlọ́po mẹ́ta ìdajì jẹ́ odindi kan àti ààbọ̀. Ìyẹn ni pé nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn, àádọ́jọ ló wá. Mo pa ìwé náà dé.

Kọ̀ǹpútà kò ṣìrò. Ọ́ọ̀dì réṣíò 3 ló gbé jáde, 3 náà ni lóòótọ́. Èmi ni mo ka ọ́ọ̀dì bí ẹni ń ka rísíìkì. Nọ́ńbà tí mo fẹ́ lò nísàlẹ̀ yìí, mo tún wọn tò kí a lè fi ọwọ́ ṣírò wọn, àmọ́ irú àṣìṣe náà gan-an ni.

Ẹ kọ́kọ́ ya àpótí mẹ́rin

Kí ẹ tó tẹ àṣẹ kankan, ẹ ka àwọn ènìyàn yín sínú àpótí mẹ́rin. Ká ní 400 ènìyàn ló ní ọjọ́ tí wọ́n gbọ́dọ̀ padà wá rí dókítà. A fi ìfiránṣẹ́ orí fóònù rán 200 létí, a fi 200 yòókù sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

| | Ó wá | Kò wá | Àpapọ̀ |
|---|---|---|---|
| A rán an létí | 150 | 50 | 200 |
| A kò rán an létí | 100 | 100 | 200 |

Rísíìkì ni iye ènìyàn tí nǹkan náà ṣẹlẹ̀ sí nínú gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀. (Rísíìkì náà ni a máa ń pè é bí ohun tó ṣẹlẹ̀ bá tilẹ̀ jẹ́ ire, bíi kéèyàn wá sọ́dọ̀ dókítà.) Lọ́dọ̀ àwọn tí a rán létí, 150 nínú 200 ló wá, ìyẹn 0.75. Lọ́dọ̀ àwọn yòókù, 100 nínú 200 ni, ìyẹn 0.50. Tí a bá fi 0.50 pín 0.75, a ó rí 1.5. Rísíìkì réṣíò nìyẹn.

Ọ́ọ̀dì kì í wo àpapọ̀. Ó kó àwọn tó wá sí apá kan, ó kó àwọn tí kò wá sí apá kejì, ó wá béèrè pé: fún ẹnì kọ̀ọ̀kan tí kò wá, mélòó ló wá? Lókè, 150 dojú kọ 50, èsì rẹ̀ jẹ́ 3. Nísàlẹ̀, 100 dojú kọ 100, èsì rẹ̀ jẹ́ 1. Tí a bá fi 1 pín 3, a ó rí 3. Ọ́ọ̀dì réṣíò nìyẹn.

Àwọn ènìyàn kan náà, àpótí mẹ́rin kan náà, ọ̀kan sọ pé 1.5, èkejì sọ pé 3. Kò sí èyí tó parọ́ nínú àwọn méjèèjì. Ìbéèrè ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń dáhùn.

Àwọn tó ń ta tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù yóò sọ pé àwọn ti mọ ọ́ọ̀dì tipẹ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé tiwọn yàtọ̀: nọ́ńbà tí wọ́n ń rí lórí tíkẹ́ẹ̀tì jẹ́ iye tí wọn yóò san fún ẹni tó bá jẹ, èrè onítẹ́tẹ́ sì wà nínú rẹ̀. Ọ́ọ̀dì tiwa jẹ́ kíka orí lásán.

Èdè wa gan-an tún ń dá kún ìṣòro náà. "Ìṣeéṣe" ni a máa ń lò fún gbogbo nǹkan tó bá jọ bẹ́ẹ̀, yálà ọ́ọ̀dì ni tàbí rísíìkì. Nítorí náà, ẹni tó bá ń kọ ìwádìí ní Yorùbá kò ní rí ohunkóhun tó máa dá a dúró nígbà tó bá pe ọ́ọ̀dì ní ìṣeéṣe. Èmi ti yanjú ti èmi: mo fi "ìṣeéṣe" sílẹ̀ fún rísíìkì nìkan, mo sì ń pe ọ́ọ̀dì ní ọ́ọ̀dì, bó tilẹ̀ dún bí ọ̀rọ̀ àjèjì létí.

Kíka ohun tí sọ́fítíwíà gbé jáde

Nínú R, àṣẹ náà kò gùn. `wa` jẹ́ 1 fún ẹni tó wá, 0 fún ẹni tí kò wá. `ifiranse` jẹ́ 1 fún ẹni tí a rán létí.

```r
m <- glm(wa ~ ifiranse, family = binomial, data = d)
round(exp(cbind(OR = coef(m), confint.default(m))), 2)
```

Ohun tí yóò jáde rèé:

```
            OR 2.5 % 97.5 %
(Intercept)  1  0.76   1.32
ifiranse     3  1.96   4.58
```

Kòẹfíṣẹ́ẹ̀ǹtì tí módẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀ mọ̀ ni 1.0986, ìyẹn lọ́ọ̀gì ọ́ọ̀dì réṣíò. `exp` ló sọ ọ́ di 3. Mo ti rí iṣẹ́ tí wọ́n kọ 1.0986 sílẹ̀ bí ẹni pé òun ni ọ́ọ̀dì réṣíò, tí wọ́n sì sọ pé ipa ìfiránṣẹ́ náà kò tó nǹkan. Ẹ wo òpó nọ́ńbà àkọ́kọ́ kí ẹ tó kọ̀wé: tí nọ́ńbà òdì bá wà nínú rẹ̀, lọ́ọ̀gì ni ẹ ń wò, torí ọ́ọ̀dì réṣíò kì í kéré ju òdo lọ.

Ìlà `(Intercept)` kì í ṣe ọ́ọ̀dì réṣíò rárá, bí òpó náà tilẹ̀ ń jẹ́ `OR`. Ọ́ọ̀dì àwọn tí a kò rán létí ni, 100 sí 100, ìdí tó fi jẹ́ 1 nìyẹn. Kò sí ohun tí a fi wé ohun kan níbẹ̀. Ẹ má gbé e sínú tábìlì yín.

Ohun kan tún wà tó máa ń yí èsì dà sódì. Tí `wa` kì í bá ṣe 0 àti 1, tó jẹ́ ọ̀rọ̀ tí a ti sọ di `factor`, R yóò mú ìpele àkọ́kọ́ gẹ́gẹ́ bí "kò ṣẹlẹ̀", bí a-bí-dí sì ṣe tò ló fi ń yan èyí tó jẹ́ àkọ́kọ́ tí a kò bá sọ nǹkan kan. Ẹ tẹ `levels(d$wa)` kí ẹ wò ó. Tí ẹ bá rí 0.33 níbi tí àpótí mẹ́rin yín ti sọ pé 3, àìwá ni módẹ́ẹ̀lì ń kà fún yín. Ìdí tí mo fi ní kí ẹ ya àpótí náà ṣáájú nìyẹn.

Gbólóhùn náà fúnra rẹ̀

Èyí tí kò tọ̀nà: "Ìfiránṣẹ́ orí fóònù sọ ìṣeéṣe wíwá di ìlọ́po mẹ́ta." Èyí náà kò tọ̀nà: "Àwọn tí a rán létí wá ní 200% ju àwọn yòókù lọ." Ọ̀rọ̀ kan náà ni méjèèjì, aṣọ ni wọ́n pààrọ̀.

Èyí tí mo lè fọwọ́ sí rèé:

"Nínú àwọn tí a rán létí, 75% ló wá (150 nínú 200), nínú àwọn tí a kò rán létí, 50% ló wá (100 nínú 200). Ọ́ọ̀dì wíwá lọ́dọ̀ àwọn tí a rán létí jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta ti àwọn yòókù (ọ́ọ̀dì réṣíò 3.00; ààlà ìdánilójú 95%: 1.96 sí 4.58)."

Ẹ wo bí wọ́n ṣe tò tẹ̀ léra. Ìpín tó wá ló ṣáájú, torí òun ni òǹkàwé yóò gbé lọ sílé. Ọ́ọ̀dì tẹ̀ lé e, ọ̀rọ̀ náà "ọ́ọ̀dì" sì wà nínú gbólóhùn gan-an, kò sá pamọ́ sínú àkámọ́. Ẹni tí kò mọ̀ nípa ọ́ọ̀dì rárá yóò rí 75 àti 50, yóò sì mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe rí. Ẹni tó mọ̀ ọ́n yóò rí 3 àti ààlà rẹ̀. Tí ìlànà ibi tí ẹ fẹ́ gbé e jáde bá gbà yín láyè gbólóhùn kan ṣoṣo, gbólóhùn ìpín ni kí ẹ fi sílẹ̀.

Ìgbà tí àwọn méjèèjì fi jọra

Àwọn kan yóò sọ pé kí ni gbogbo wàhálà yìí fún, ṣebí ọ́ọ̀dì réṣíò àti rísíìkì réṣíò máa ń súnmọ́ra. Òótọ́ ni, tí ohun tí a ń kà bá ṣọ̀wọ́n. Tí 2% bá ní àìsàn lápá kan, tí 1% sì ní i lápá kejì, rísíìkì réṣíò jẹ́ 2, ọ́ọ̀dì réṣíò jẹ́ 2.02. Ta ló fẹ́ jà lórí ìyẹn?

Àmọ́ ẹ mú ọ́ọ̀dì réṣíò 2 kan náà, kí ẹ máa gbé ìpín ìpìlẹ̀, ìyẹn ìpín apá tí a ń fi èkejì wé, sókè. Tí ìpìlẹ̀ bá jẹ́ 10%, rísíìkì réṣíò ti di 1.82. Ní 30%, 1.54 ni. Ní 50%, 1.33. Ní 80%, 1.11 péré ló kù. Ọ́ọ̀dì réṣíò kò yí padà rárá ní gbogbo àsìkò yìí, 2 ló ṣì wà.

Òfin tí wọ́n kọ́ ọ̀pọ̀ wa ni pé tí ìpín bá ti wà lábẹ́ 10%, kò séwu. Èmi kò gbára lé e mọ́. Ká ní ìpìlẹ̀ jẹ́ 8%, tí ọ́ọ̀dì réṣíò sì jẹ́ 5: ìpín apá kejì yóò tó 30%, rísíìkì réṣíò yóò sì jẹ́ 3.8 péré. Ìpìlẹ̀ ṣọ̀wọ́n, àmọ́ apá kejì kò ṣọ̀wọ́n mọ́. Ó gbọ́dọ̀ ṣọ̀wọ́n ní gbogbo apá tí ẹ ń fi wéra kí ẹ tó lè pa wọ́n pọ̀. Bó bá tilẹ̀ rí bẹ́ẹ̀, "ọ́ọ̀dì" ni kí ẹ kọ, kí ẹ wá fi kún un pé ó súnmọ́ rísíìkì réṣíò nítorí pé ọ̀ràn náà ṣọ̀wọ́n.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 1999

Àpẹẹrẹ kan tó lókìkí lórí ọ̀rọ̀ yìí ti Amẹ́ríkà wá. Ní 1999, ìwé ìròyìn ìṣègùn New England Journal of Medicine gbé ìwádìí kan jáde. Wọ́n fi fídíò àwọn òṣèré tó ń ṣe bí ẹni tí àyà ń dùn han dókítà 720. Àwọ̀ ara àwọn òṣèré náà àti bí wọ́n ṣe jẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin wà lára ohun tó yàtọ̀ láti fídíò kan sí òmíràn. Wọ́n wá béèrè lọ́wọ́ dókítà kọ̀ọ̀kan bóyá yóò ní kí wọ́n fi túùbù tẹ́ẹ́rẹ́ yẹ ọkàn aláìsàn náà wò.

Ọ́ọ̀dì réṣíò tó jáde fún àwọn aláwọ̀ dúdú nígbà tí a fi wọ́n wé àwọn aláwọ̀ funfun jẹ́ 0.6, bẹ́ẹ̀ náà ni ti obìnrin sí ọkùnrin. Àwọn ilé ìròyìn gbà á, wọ́n sì sọ pé ìṣeéṣe kí dókítà ní kí a yẹ ọkàn wọn wò fi 40% dín.

Ìpín tó wà lábẹ́ nọ́ńbà yẹn ni 84.7% lọ́dọ̀ àwọn aláwọ̀ dúdú àti 90.6% lọ́dọ̀ àwọn aláwọ̀ funfun. Ẹ jẹ́ ká ṣe é. Ọ́ọ̀dì 90.6% jẹ́ 90.6 sí 9.4, ó tó 9.64. Ọ́ọ̀dì 84.7% jẹ́ 84.7 sí 15.3, ó tó 5.54. Tí a bá fi 9.64 pín 5.54, ó jẹ́ 0.57, tí wọ́n sọ di 0.6. Àmọ́ tí a bá fi 90.6 pín 84.7, ó jẹ́ 0.93. Ìdínkù 7% ni, kì í ṣe 40%. Ní ọdún yẹn kan náà, àwọn dókítà mẹ́ta kọ àlàyé yìí sínú ìwé ìròyìn kan náà.

Wọ́n tún fi ohun kejì hàn tó dùn mí ju ti àkọ́kọ́ lọ. Nígbà tí a ya àwọn apá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sọ́tọ̀, ọkùnrin funfun, ọkùnrin dúdú àti obìnrin funfun ló wà ní 90.6%, àfi obìnrin dúdú tó wà ní 78.8%. Rísíìkì réṣíò ti obìnrin dúdú sí ọkùnrin funfun jẹ́ 0.87. Ìyàtọ̀ gidi wà níbẹ̀, obìnrin dúdú nìkan ló sì jẹ ẹ́. Ariwo 40% ló bò ó mọ́lẹ̀. Ká ní ìpín mẹ́rin yẹn ni wọ́n fi ṣáájú nínú àkótán ìwádìí náà ni, ta ni ì bá kọ 40%?

Tí ẹ bá fẹ́ sọ "ìlọ́po" ní ti ìṣeéṣe lóòótọ́

Nígbà náà, ẹ ṣírò rísíìkì réṣíò. Tí kò bá sí ohun mìíràn nínú módẹ́ẹ̀lì, àpótí mẹ́rin ti tó: 1.5, ààlà ìdánilójú 95% rẹ̀ sì jẹ́ 1.28 sí 1.76.

Tí ọjọ́ orí tàbí ohun mìíràn bá wà nínú módẹ́ẹ̀lì, ẹ̀yin náà lè ti rí fọ́múlà kan tó ń sọ ọ́ọ̀dì réṣíò di rísíìkì réṣíò:

```
RR = OR / (1 - p0 + p0 * OR)
```

`p0` ni ìpín ìpìlẹ̀. Ẹ fi 3 àti 0.50 sí i, ẹ ó rí 1.5. Ó pé pérépéré níbẹ̀ torí pé kò sí ohun mìíràn nínú módẹ́ẹ̀lì. Tí ẹ bá gbé ọ́ọ̀dì réṣíò tí a ti fi ọjọ́ orí tún ṣe sínú rẹ̀, tí ẹ sì lo ìpín ìpìlẹ̀ kan ṣoṣo fún gbogbo ènìyàn, kò pé mọ́, ààlà tí ẹ bá fi í yí padà sì máa ń tẹ́ẹ́rẹ́ jù. Mo máa ń lò ó láti fi wo iṣẹ́ ẹlòmíràn lójú kan, n kò ní kọ èsì rẹ̀ sínú iṣẹ́ tèmi.

Ohun tí mò ń ṣe ni pé mo fi lọ́jísítíìkì rigirẹ́ṣọ̀n náà sílẹ̀ bó ṣe wà, mo wá bi í léèrè ìpín. Ẹ sọ fún módẹ́ẹ̀lì pé ká ní gbogbo 400 ni a rán létí, kí ló rò pé ìpín yóò jẹ́? Ká ní a kò rán ẹnikẹ́ni létí ńkọ́? Ọjọ́ orí oníkálukú wà bó ṣe wà.

```r
m <- glm(wa ~ ifiranse + ojo_ori, family = binomial, data = d)
p1 <- mean(predict(m, transform(d, ifiranse = 1), type = "response"))
p0 <- mean(predict(m, transform(d, ifiranse = 0), type = "response"))
c(RR = p1 / p0, iyato = p1 - p0)
```

`type = "response"` ṣe pàtàkì. Tí ẹ bá gbàgbé rẹ̀, lọ́ọ̀gì ọ́ọ̀dì ni yóò jáde, ẹ ó sì máa pín lọ́ọ̀gì fún lọ́ọ̀gì. Fún ààlà ìdánilójú, ẹ fa 400 ènìyàn látinú 400 náà, kí ẹ máa dá ẹni tí ẹ bá fà padà kí ẹ tó fa ẹlòmíràn, kí ẹ tún gbogbo ìlà mẹ́rin yẹn ṣe, ó kéré tán nígbà 1000, kí ẹ wá mú 2.5% ìsàlẹ̀ àti 97.5% òkè nínú èsì wọn.

Àwọn mìíràn fẹ́ràn kí wọ́n lo Pọ́ìsọ̀n dípò, pẹ̀lú àtúnṣe sí àṣìṣe òṣùwọ̀n:

```r
library(sandwich); library(lmtest)
m2 <- glm(wa ~ ifiranse + ojo_ori, family = poisson, data = d)
exp(cbind(RR = coef(m2), coefci(m2, vcov. = sandwich)))
```

Ó dára, ó sì yá. Àmọ́ tí ẹ bá gbàgbé `sandwich`, ààlà yín yóò fẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, torí Pọ́ìsọ̀n rò pé ẹnì kan lè wá ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ó sì lè sọ fún yín pé ìpín ẹnì kan ju 1 lọ.

Ọ̀nà yòówù kí ẹ gbà, ẹ sọ èyí tí ẹ ń kà. Rísíìkì réṣíò wíwá jẹ́ 1.5, àmọ́ rísíìkì réṣíò àìwá jẹ́ 0.5, torí 25% ni kò wá lápá kan, tí 50% kò sì wá lápá kejì. Ọ̀kan kì í ṣe òjìji èkejì. Ọ́ọ̀dì réṣíò nìkan ló ń ṣe bẹ́ẹ̀: 3 lápá kan, ìdá kan nínú mẹ́ta lápá kejì.

Ìgbà tí ọ́ọ̀dì réṣíò gbéra láìsí ẹ̀bi ẹnikẹ́ni

Ẹ fi ọjọ́ orí sínú módẹ́ẹ̀lì, ọ́ọ̀dì réṣíò sì gòkè. Ẹni tí kò mọ̀ yóò kọ pé ọjọ́ orí ti ń da ọ̀rọ̀ rú tẹ́lẹ̀. Kì í ṣe dandan. Ká ní ọ̀dọ́ àti àgbà pọ̀ bákan náà ní apá méjèèjì. Lọ́dọ̀ àwọn àgbà, 90% wá lápá kan, 50% wá lápá kejì: ọ́ọ̀dì réṣíò jẹ́ 9. Lọ́dọ̀ àwọn ọ̀dọ́, 50% àti 10%: 9 náà ni. Ẹ kó ọ̀dọ́ àti àgbà pọ̀, ó di 70% àti 30%, ọ́ọ̀dì réṣíò sì bọ́ sí 5.4. Ọjọ́ orí kò da nǹkan kan rú níbẹ̀, torí apá méjèèjì jọra. Ìwà ọ́ọ̀dì réṣíò ni. Ìdí nìyí tí kò fi bójú mu láti fi ọ́ọ̀dì réṣíò módẹ́ẹ̀lì kan wé ti módẹ́ẹ̀lì mìíràn bí ẹni pé ohun kan náà ni wọ́n wọ̀n. Ẹ kọ orúkọ gbogbo ohun tí ẹ fi tún un ṣe sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Tí ìwádìí yín bá sì jẹ́ irú èyí tí ẹ ti kọ́kọ́ kó 200 tó ní àrùn jọ, tí ẹ wá wá 200 tí kò ní i láti fi wé wọn, ẹ fi ìpín ẹni tó ní àrùn sílẹ̀. 50% tó wà nínú dátà yín, ẹ̀yin lẹ fọwọ́ yín ṣe é. Ohun tí ẹ lè kọ ní ìpín níbẹ̀ ni iye àwọn tó fara kan ohun tí ẹ ń wádìí lọ́dọ̀ àwọn aláìsàn, àti iye wọn lọ́dọ̀ àwọn yòókù. Ọ́ọ̀dì réṣíò ni yóò tẹ̀ lé e, kò sì sí àṣẹ nínú R tó lè sọ ọ́ di rísíìkì réṣíò láìjẹ́ pé ẹ ní ìsọfúnni láti ìta nípa bí àrùn náà ṣe pọ̀ tó láàárín ará ìlú.

Kí ẹ tó fi iṣẹ́ náà ránṣẹ́

Ẹ ṣí fáìlì náà, kí ẹ fi ìwákiri wá "ìlọ́po", "ìṣeéṣe" àti "%". Ní ibi kọ̀ọ̀kan, ẹ bi ara yín pé láti inú òpó wo ni nọ́ńbà yìí ti wá. Tó bá jẹ́ òpó `OR`, ẹ fi nọ́ńbà náà sọ ìpín ìpìlẹ̀ di púpọ̀. Tí èsì bá ju 100% lọ, ẹ ti mọ̀. Tí kò bá tiẹ̀ jù bẹ́ẹ̀, ẹ fi èsì náà wé ìpín gidi tó wà nínú àpótí apá kejì. Àkótán ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, torí mo ti rí iṣẹ́ tí tábìlì rẹ̀ mọ́ tónítóní, tí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ tọ̀nà, tó sì jẹ́ pé inú àkótán, níbi tí ibi ìkọ̀wé ti há, ni "ọ́ọ̀dì" ti yọ́ kúrò tí "ìṣeéṣe" sì jókòó sípò rẹ̀.